Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí àwọn aláṣọ òkè yòókù kò sọ, tí oníbàárà sì fẹ́ gbọ́?

Aláṣọ_Owódé (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará. Aṣọ òkè ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Owódé níbí ní Ọ̀yọ́, mo sì ń polówó lórí Facebook àti WhatsApp. Àwa tá à ń ta irú ọjà yìí lórí ayélujára ti pọ̀. Àwọn kan wà ní Ìṣẹ́yìn, àwọn kan wà ní Ìbàdàn, àwọn ará Èkó sì ń wá kó o lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ wa níbí. Mo mú ojú ewé márùn-ún nínú wọn, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé síta sínú ìwé, kí n lè rí ibi tó ṣófo tí èmi náà lè dúró sí.

Àwòrán ìyàwó tó wé gèlè ló pọ̀ jù. Àwòrán ìdì aṣọ tí wọ́n tò sórí tábìlì ló tẹ̀ lé e, tí wọ́n á kọ "ó wà nílẹ̀, ẹ pè wá" sí i lábẹ́. Ọkọ ìyàwó tó gbé agbádá wọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ bí sányán ṣe yàtọ̀ sí ẹtù àti àlàárì, tàbí bí wọ́n ṣe ń hun ún. Mo ní àyè ti ṣí sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Mo ṣe fídíò kan nípa sányán: bí wọ́n ṣe ń rí fọ́nrán rẹ̀ lára ilé tí kòkòrò inú igbó kan ń ṣe, tí àwọ̀ rẹ̀ sì fi pọ́n bíi ti erùpẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á láró. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n pín in kiri, àwọn tó wà lókè òkun ń ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó tìtorí rẹ̀ béèrè aṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ohun tí ẹlòmíì kò sọ pọ̀ lọ jàra. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí ẹni tó fẹ́ ra ọjà ń wá nínú rẹ̀?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má fi ojú ewé wọn nìkan wò wọ́n. Ẹ lọ sí `facebook.com/ads/library`, ẹ mú Nigeria, ẹ mú `All ads`, kí ẹ wá tẹ orúkọ ojú ewé wọn. Gbogbo ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún lọ́wọ́ báyìí máa jáde, ẹ ó sì rí ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ níta jù lọ ni ó ń mówó wọlé fún wọn, torí kò sẹ́ni tó máa náwó lé ohun tí kò pa owó lórí. Ohun tí ìpolówó yẹn sọ ni kí ẹ sọ, kí ẹ kàn sọ ọ́ dáadáa jù wọ́n lọ. Mo ń bá àwọn tó ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ LAUTECH ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Tẹ́lọ̀_Àkẹ̀sán

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dénú. Àwọn kan ń mú àwòrán agbádá tí èmi rán, wọ́n á gbé e sí ojú ewé tiwọn bíi pé àwọn ló ṣe é. Ẹ kọ orúkọ yín sí àárín àwòrán gan-an, ẹ má kọ ọ́ sí igun, torí wọ́n máa ń gé igun kúrò. Ẹni tó bá sì mú tiyín, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Facebook.

Aláṣọ_Owódé

Ẹ ṣeun, bùọ̀dá Tẹ́lọ̀. Èyí yẹn náà ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán tí wọ́n ń jí ni mò ń bi yín o, ohun tí wọn kò sọ rárá ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ síbi tí o wí. Méjì péré nínú wọn ló ń polówó báyìí, àwòrán ìyàwó náà sì ni. Tí n bá tún ṣe àwòrán ìyàwó, kí ni mo fi yàtọ̀?

Akọ̀wé_Ọjà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tó o darí Àǹtí sí dára, ṣùgbọ́n o gbé e ju bó ṣe mọ lọ. Fún ìpolówó ọjà lásán ní orílẹ̀-èdè wa, ibẹ̀ kì í sọ iye tí wọ́n ná, kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni rà á. Èyí tó ti parí kì í sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó sì pẹ́ níta lè jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ń fi sí i lójoojúmọ́ tí kò tilẹ̀ rántí mọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ló ń fi hàn wá. Àǹtí ń wá ohun tí wọn kò sọ.

Àǹtí, ohun tí àwọn márààrún gbé síta lẹ kà. Ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì wà ní ìsàlẹ̀, nínú kọ́mẹ́ǹtì, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀. Òfo oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ nípa rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Ìtàn sányán wà níbẹ̀. Ó wuyì, ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìnáwó lọ́sẹ̀ márùn-ún sí i kọ́ ló ń wá a. Èkejì ni èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè léraléra tí olójú ewé kò dá wọn lóhùn, tàbí tó kàn kọ "ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì". Èyí ni kí ẹ wá.

Ẹ ṣí pósítì wọn tó ní kọ́mẹ́ǹtì púpọ̀. Facebook kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ ibi tó ti kọ `Most relevant`, kí ẹ yí i sí `All comments`. Ẹ fojú fo gbogbo "ó rẹwà", gbogbo àwòrán ọkàn pupa, àti àwọn aláṣọ mìíràn tó ń polówó ara wọn níbẹ̀. Pósítì tí wọ́n ti ń ṣe tọrẹ, ẹ má kà á rárá, torí ẹ̀bùn ni àwọn èrò ibẹ̀ wá gbà. Ìbéèrè nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Bí ẹni náà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ dà á kọ, ẹ má tún un ṣe. Kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n dáhùn níta, bóyá wọ́n ní kó wá sí ínbọ́ọ̀sì, tàbí bóyá wọn kò fọhùn rárá.

Ẹ má tíì pín wọn sí ọ̀wọ́ o. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ ya ilà tó kọ "iye owó, ìtàn, àwọ̀" síwájú kó tó kà, ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa rí. Ìgbà tí ìbéèrè bá ti kún ojú ìwé mélòó kan ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn tó jọra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sínú WhatsApp tiyín. Ẹ tẹ ibi ìwákiri lókè, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ bí oníbàárà ṣe ń kọ ọ́, láìsí àmì ohùn: `elo`, `se e`, `nigba wo`, `color`, `how much`. Ìbéèrè tí kò tí ì sí ẹni tó bi yín rí, kódà bó bá pọ̀ lójú ewé àwọn ará Èkó, ó lè jẹ́ pé oníbàárà tiwọn ló ń dà láàmú. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn tó tún wà lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí.

Ìyá_Adìyẹ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Akọ̀wé, ẹ kú ẹnu iṣẹ́. Èmi kì í ta aṣọ. Ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan ni mò ń tà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Gbogbo àwa tá à ń tà á, iye owó àti "ó ti dé" là ń gbé síta. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ń béèrè pé tí iná bá lọ lóru, kí ni àwọn máa fi mú ara adìyẹ gbóná? Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Mo wá kọ ọ́: ìkòkò èédú, bí ẹ ó ṣe fi àyè sílẹ̀ kí èéfín lè jáde, àti bí ẹ ó ṣe máa wo àwọn ọmọ adìyẹ fúnra wọn. Tí wọ́n bá gun ara wọn jọ, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá jìnnà síbi iná tí wọ́n ń lanu mí, ooru ti pọ̀ jù. Ọjà tà látàrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí, ibòmíì ni wọ́n ti ra adìyẹ tiwọn. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń pè mí láago méjì òru.

Nítorí náà, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Akọ̀wé. Ẹ wo inú ìbéèrè náà dáadáa bóyá ọjọ́ wà nínú rẹ̀, tàbí iye. "Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́ adìyẹ?" kì í ṣe ìbéèrè olùrà. "Mo fẹ́ kó àádọ́ta wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣé èédú á tó?" Owó ti wà lápò ẹni yẹn.

Akọ̀wé_Ọjà

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí mo fò nìyẹn. Àǹtí, ẹ fàlà sábẹ́ ìbéèrè tó bá ní ọjọ́, iye, àwọ̀ tàbí ìwọ̀n ara nínú.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ó yé mi nípa ti ìpolówó. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Àǹtí ò kàn ní dá àwọn èèyàn yẹn lóhùn níbi tí wọ́n ti béèrè? Wọ́n ń wá ìdáhùn, òun ní ìdáhùn. Á kọ ọ́ síbẹ̀, á fi nọ́ḿbà rẹ̀ sí i.

Ìyá_Gèlè_Ìbàdàn

Rárá o, ọmọ mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Wọ́n ń ṣe é fún mi, mo ń pa á rẹ́, mo sì ń dí ẹni náà lọ́nà. Ẹni tí ò ń gba oníbàárà rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan náà lẹ máa pàdé lọ́la. Kó gbé ìdáhùn rẹ̀ sí ojú ewé tirẹ̀.

Aláṣọ_Owódé

Ẹ kú sùúrù. Mo ti padà lọ kà wọ́n, mo sì wo WhatsApp mi bí Akọ̀wé ṣe wí. Nǹkan tí mo rí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ pátápátá.

"Eló ni?" ló pọ̀ jù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, gbogbo wọn ló sì ní kí wọ́n wá sí ínbọ́ọ̀sì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Mo da díẹ̀ kọ síbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Mo ní léèsì àwọ̀ wáìnì, ṣé ẹ lè hun èyí tó máa bá a mu?" "Èyí tí mo gbà kò jọ èyí tó wà nínú àwòrán." "Ṣé àwọ̀ omi òkun yìí ni àbí fóònù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?" Lójú ewé mẹ́rin nínú márùn-ún ló wà. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún wọn ni "gbogbo àwọ̀ ló wà." Èkẹta ni àwọn tó sanra tàbí tó ga: "ìdì mélòó ló máa tó agbádá ọkọ mi, ó sígbọnlẹ̀." Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́: "ìyàwó lẹ́yìn Iléyá, ṣé ó lè bá a?" Àwọn tó ń béèrè bóyá aṣọ òkè ìyá wọn tó ti ṣá ṣeé tún lò kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Nípa ìtàn sányán, ẹyọ kan ni mo rí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ló béèrè rẹ̀.

Èyí tó wù mí láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni ti agbádá ẹni tó sígbọnlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀ rárá. Mo fẹ́ ṣe àwòrán kan tó máa sọ iye ìdì fún ẹni tó tín-ín-rín, ẹni tó mọ níwọ̀n, àti ẹni tó tóbi.

Ahunṣọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníṣòwò. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe àwòrán yẹn.

Kì í ṣe àìbìkítà ni kò jẹ́ kí àwọn aláṣọ dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo ni. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là ń hun, tẹ́lọ̀ ló ń tò ó pọ̀ tó ń rán an. Ìbú tiwa kò dọ́gba. Ẹlòmíì ń hun íńṣì 4, ẹlòmíì ń hun 5, àwọn kan ń hun 6 báyìí. Tí tẹ́lọ̀ bá fẹ́ aṣọ tó fẹ̀ tó íńṣì 60, ó máa nílò 15 nínú èyí tó jẹ́ íńṣì 4, 12 nínú èyí tó jẹ́ 5, àti 10 nínú èyí tó jẹ́ 6, ká má tíì ka ohun tí ojú rírán máa jẹ. Ìdì náà kò gùn bákan náà láti ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan sí òmíì. Tí ẹ bá kọ "ìdì mẹ́ta" síta, tí ẹnì kan ka á, tó lọ ra ti ahunṣọ mìíràn, tí kò tó o, orúkọ yín ni wọ́n máa dá.

Òfo mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn tó dákẹ́ níbẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ tó wọ ibẹ̀.

Tẹ́lọ̀_Àkẹ̀sán

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà. Kí ẹni náà mú ìwọ̀n ara rẹ̀ wá, kó sì sọ ìbú aṣọ tó fẹ́ rà. Fún agbádá, ohun tí àwa tẹ́lọ̀ kọ́kọ́ ń wọ̀n nìyí: gígùn láti èjìká dé ẹsẹ̀, àti bí apá méjèèjì ṣe fẹ̀ tó tó bá nà wọ́n. Kí Àǹtí kọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kó má kọ iye ìdì. Ẹni tó bá ti wọn ara rẹ̀ tán, tó fi ránṣẹ́, ẹni yẹn fẹ́ rà.

Ahunṣọ_Ìṣẹ́yìn

Mo fara mọ́ ọn, tẹ́lọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wọ̀lú láàárín àwa àti oníbàárà. "Gbogbo àwọ̀ ló wà" kì í ṣòótọ́. Òwú tó wà lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn là ń lò. Tí oníbàárà bá ya fọ́tò léèsì rẹ̀ lábẹ́ iná yàrá tó fi ránṣẹ́, àwọ̀ tí mo rí lórí fóònù tèmi ti yàtọ̀ sí ti orí aṣọ. Tí òwú dídán bá tún wà nínú aṣọ náà, iná fóònù máa ń mú un funfun ju bó ṣe wà lọ.

Ohun tó tọ́ ni kí oníbàárà gé léèsì náà díẹ̀ fi ránṣẹ́, kódà kó má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A ó mú òwú méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ọn, a ó gbé wọn lé e lórí níta gbangba lọ́sàn-án, a ó ya fọ́tò rẹ̀. Òun ló máa mú èyí tó wù ú. Ìgbà yẹn là ń ṣẹ̀ṣẹ̀ na òwú sílẹ̀ láti hun ún. Tí a bá ti na òwú tán, àwọ̀ kò ṣeé yí mọ́, torí òwú náà ti gùn lọ títí, ó ti wà lórí òfì.

Nípa ti ọjọ́, fún aṣọ ẹbí tó pọ̀, oṣù méjì ni mo máa ń tọrọ. Nígbà òjò, mo máa ń fi díẹ̀ kún un, torí ìta gbangba la máa ń na òwú sí.

Akọ̀wé_Ọjà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ti bá wa ṣe iṣẹ́ ńlá. Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ: ìdáhùn náà wà, àwọn èèyàn ń béèrè rẹ̀ lójú ewé mẹ́rin, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àwọn yòókù ń fi "gbogbo àwọ̀ ló wà" dáhùn rẹ̀, ẹni tó bá sì ti gba aṣọ tí kò bá léèsì rẹ̀ mu rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Ẹ má ṣe fídíò olówó ńlá. Ẹ gbé léèsì kan sórí tábìlì níta, ẹ gbé òwú mẹ́ta lé e, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Ẹ wá gbé ohun kan náà wọ inú yàrá, ẹ ya á lábẹ́ iná. Ẹ to fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ èyí tí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: "Èyí tí mo gbà kò jọ èyí tó wà nínú àwòrán." Kí ẹ wá sọ ìdí rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa fi léèsì ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má dárúkọ ojú ewé kankan. Ẹ má sì mú kọ́mẹ́ǹtì ẹnikẹ́ni pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹ má ka láìkì. Ẹ ka iye èèyàn tó bi yín ní ìbéèrè tó ní àwọ̀ tàbí ọjọ́ nínú.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ló dé tí a ò sọ̀rọ̀ "eló ni"? Ó tó ìdajì ìbéèrè, kò sì sẹ́ni tó dáhùn níta. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, òfo tó tóbi jù nìyẹn. Kí Àǹtí kọ iye owó rẹ̀ síta, á gba gbogbo wọn.

Ìyá_Gèlè_Ìbàdàn

Ẹni tí kò tíì ta aṣọ òkè rí ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Owó òwú lè yí padà kí oṣù tó parí. Tí mo bá kọ iye síta lónìí, ẹnì kan á ya á pamọ́, á mú un wá bá mi nígbà tí òwú ti gbówó lórí, á ní iye yẹn ni mo sọ. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi láti lọ tún un tà ńkọ́? Tí oníbàárà wọn bá rí iye tí mo ń tà á, mo ti ba ọjà wọn jẹ́, wọn ò sì ní padà wá.

Ìyá_Adìyẹ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Oúnjẹ adìyẹ náà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, síbẹ̀ a ń kọ iye síta, a sì ń kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ kọ "iye yìí wà títí di ọjọ́ báyìí." Ẹni tó fẹ́ jà á jà ṣáá.

Akọ̀wé_Ọjà

Ẹ̀yin méjèèjì ló ní ìdí. Ẹni tó ń tà fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́ nìkan lè kọ iye síta. Ẹni tó ń tà fún àwọn tó máa tún un tà, ó ṣòro. Ohun tí mo rí pé ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń kọ ohun tó ń mú kí iye gòkè: òwú dídán, iṣẹ́ ọnà ojú aṣọ, àkókò tó ti sún mọ́. Wọn kò kọ iye fúnra rẹ̀. Oníbàárà á mọ̀ pé wọn kò kàn wo ojú òun bu iye fún òun. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé ó tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fẹ́ rí nọ́ḿbà.

Ìyá_Gèlè_Ìbàdàn

Ohun tó ń mú un gòkè, ìyẹn mo lè kọ. Iye, n kò ní kọ ọ́.

Aláṣọ_Owódé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣe ti àwọ̀ náà bí Akọ̀wé ṣe wí, bàbá ahunṣọ tí èmi ń lò ló bá mi mú òwú. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò tó ìdámẹ́wàá àwọn tó fẹ́ràn fídíò sányán. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀wé sí mi yàtọ̀. Obìnrin kan láti Ìlọrin fi léèsì rẹ̀ ránṣẹ́ nínú mọ́tò, ó kọ ọjọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn. A mú òwú tó sún mọ́ ọn lójú oòrùn, ó yan èkejì, ó sì ti san àsansílẹ̀. Ìyá ọkọ ìyàwó kan níbí ní Ọ̀yọ́ gbé tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ń béèrè bóyá fọ́tò léèsì ò lè ṣe é, mo sì ń ṣàlàyé fún wọn. Àwọn kan nínú wọn ò tún padà fèsì, mi ò mọ̀ bóyá gígé léèsì fi ránṣẹ́ ló sú wọn.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Ọ̀kan nínú ojú ewé márùn-ún yẹn ti gbé irú rẹ̀ síta, ó tilẹ̀ lo léèsì àwọ̀ wáìnì.

Akọ̀wé_Ọjà

Wọ́n máa ṣe é, Àǹtí. Wọ́n lè ṣe fọ́tò náà, ẹ wá wò ó bóyá wọ́n ń gba léèsì lóòótọ́. Ẹ ka kọ́mẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tí àwọn èèyàn bá ń béèrè pé "ibo ni kí n fi í ránṣẹ́ sí?" tí wọn kò sì dáhùn, àyè yín ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń dáhùn dáadáa, ẹ lọ sí ti ìwọ̀n ara tí tẹ́lọ̀ sọ.

Ohun kan ṣì kù tí a kò wò. Ìgbà wo nínú ọdún ni àwọn pósítì tí ẹ kà jáde? Tó bá jẹ́ ti oṣù méjì yìí nìkan, ìbéèrè ẹni tó ní àkókò lẹ rí. Ìbéèrè oṣù Kọkànlá àti Kejìlá máa ń yàtọ̀, torí ìyàwó pọ̀ nígbà náà, àkókò sì ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀.

Aláṣọ_Owódé

Ti oṣù méjì yìí ni lóòótọ́. N ó padà lọ sí ti Kọkànlá àti Kejìlá tó kọjá lójú ewé márààrún, n ó sì wo WhatsApp mi ti àkókò yẹn. Bàbá Ahunṣọ, tí ẹnì kan bá wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyàwó rẹ̀ tó pé, nígbà tí òfì ti kún, ṣé nǹkan kan wà tí a lè sọ fún un ju pé kò lè bá a lọ?

Ahunṣọ_Ìṣẹ́yìn

Ó wà. Gèlè àti fìlà nìkan kì í gba òwú púpọ̀, a lè tẹ ìyẹn síwájú, kí wọ́n fi aṣọ mìíràn ṣe ìró àti bùbá. Èyí tó ti wà nílẹ̀ náà wà, tó bá gbà láti yan léèsì lẹ́yìn aṣọ òkè. Ẹ bi mí lóṣù Kẹwàá, n ó sọ iye àyè tó kù lórí òfì tèmi, kí ẹ tó kọ ohunkóhun síta.